Ìwé dókítà tí kò tú àṣírí: ohun tí ọ̀gá iṣẹ́ nílò àti ohun tí kò kàn án

Lọ́jọ́ tí obìnrin kan tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù fún ilé-búrẹ́dì kan nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ mú ìwé tí mo kọ fún un lọ síbi iṣẹ́, kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo àwọn tó ń po fúláwà níbẹ̀ ti gbọ́ pé ìju ni wọ́n gbé kúrò nínú rẹ̀. Akọ̀wé gba ìwé náà, ó kà á tán, ó gbé e sórí tábìlì mánẹ́jà ní ṣíṣí. Ẹni tó wá san owó kà á. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé etí ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń tajà ní Tákíè, ìyá náà sì ti ń béèrè bóyá ìyàwó ọmọ òun ṣì lè bímọ. Ọdún kejì obìnrin yìí nílé ọkọ nìyẹn. Òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan ló fẹ́ kó mọ̀ nípa ohun tí wọ́n yọ.

Èmi ni mo kọ ìwé yẹn. Dókítà ni mí, mo sì ti kọ irú rẹ̀ láìmọye ìgbà, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní ẹskiúsì diútì. Ìlà mélòó kan ni: "Mo jẹ́rìí pé a ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè yìí láti yọ ìju kúrò nínú ilé ọmọ rẹ̀. Kí ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ẹ sì fún un ní iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn náà." Lójú mi nígbà yẹn, kò sí ohun tó kù. Obìnrin náà ti gbà kí n sọ ìtàn yìí fún yín, mo sì ti yí ohun díẹ̀ padà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀.

Àṣírí tó tú kọ́ ni gbogbo ohun tí ìwé náà bàjẹ́. Ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, ọdún 2025 ni ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ni, ìgbà tí búrẹ́dì ń tà bí ẹni pé wọ́n ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Mánẹ́jà rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó rí "iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́" nínú ìwé mi, ó sì ṣe ohun tó rò pé ó tọ́: ó ní kó má fọwọ́ kan àpò fúláwà mọ́, pé páálí bọ́tà ni kó máa gbé fún àwọn tó ń po nǹkan. Páálí bọ́tà kan tó kílò 15. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò fúláwà tó jẹ́ kílò 50, ta ni kò ní pè é ní fẹ́ẹ́rẹ́? Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 17, obìnrin náà wọlé wá bá mi, ó fọwọ́ di ikùn mú, kò lè nàró dáadáa. Ojú abẹ kò ya, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ti wú díẹ̀, ó sì ń dùn ún bí mo bá ti fọwọ́ kàn án.

Mo jókòó, mo tún ìwé mi kà. Ohun tí mo rí dùn mí. Mo ti sọ ohun tí kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ níbẹ̀, mo sì ti fi ohun tí gbogbo wọn nílò sílẹ̀.

Kí ni ọ̀gá iṣẹ́ fẹ́ mọ̀ gan-an, bí a bá yọ ti òfófó kúrò? Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé dókítà tó ní ìwé àṣẹ yẹ òṣìṣẹ́ òun wò, tó sì rí i pé ara rẹ̀ kò yá. Ó fẹ́ mọ ọjọ́ tí yóò padà, kó lè wá ẹni tí yóò dì í mú fún un. Bó bá sì padà, ó fẹ́ mọ ohun tí òun lè ní kó ṣe àti ohun tí òun kò gbọdọ̀ ní kó ṣe. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí orúkọ àìsàn dáhùn. Ẹ jẹ́ ká ní tíṣà kan ṣe iṣẹ́ abẹ kan náà pẹ̀lú obìnrin yìí, lọ́jọ́ kan náà, lọ́wọ́ dókítà kan náà. Tíṣà yẹn lè jókòó kó máa máàkì ìwé lọ́sẹ̀ kẹrin. Ẹni tó ń gbé àpò fúláwà kò lè gbé e lọ́sẹ̀ kẹjọ pàápàá. Orúkọ àìsàn kan náà ni, iṣẹ́ ló yàtọ̀. Mánẹ́jà tó gbọ́ "ìju" kò mọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nípa ẹrù tí ẹni náà lè gbé. Ohun tó mọ̀ ni ohun tí kò yẹ kó mọ̀.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kí n tó mú bírò ni pé kí n béèrè iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti kọ "sitọ́kíípà" sínú fáìlì rẹ̀, mo sì rò pé ẹni tó ń jókòó kọ̀wé ni. Lọ́jọ́ tó padà wá yẹn ni mo tó bi í.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, láti ìgbà tẹ́ ẹ bá ti débi iṣẹ́ láàárọ̀, kí lẹ máa ń ṣe? Ẹ má fo ọ̀kankan."

"Aago mẹ́fà ni mo máa ń ṣí sitọ́ọ̀, Dókítà. Màá ka àpò tó kù. Tí wọ́n bá tò ó ga, màá gun orí rẹ̀ kí n lè ka ti ẹ̀yìn. Èmi àti ọmọ kan la jọ máa ń wọ́ àpò lọ sẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà màá dúró títí di aago méjì, màá máa yọ nǹkan fún wọn. Ìgbà tí mo bá fẹ́ kọ ìwé nìkan ni mo máa ń jókòó."

"Tẹ́lòmíì bá ń wọ́ àpò, ṣé ẹ lè máa jókòó kọ èyí tó jáde?"

"Mo lè ṣe é. Àga ni ò sí níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ àga yẹn kò lè wá sí mi lọ́kàn láéláé bí n kò bá béèrè. Ẹ wo bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe pín sí wẹ́wẹ́: ó ń gbé, ó ń wọ́, ó ń gun, ó ń dúró, ó ń ka, ó ń kọ. Mo wá fi ara tí mo yẹ̀ wò wé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Awọ ojú abẹ máa ń san láàárín bíi ọ̀sẹ̀ méjì, ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi máa ń rò pé òun ti gbádùn. Ṣùgbọ́n iṣan líle tó wà lábẹ́ awọ, tó di ikùn mú, ń gba oṣù mélòó kan kó tó le padà. Gbígbé, wíwọ́ àti gígùn ló ń fa iṣan yẹn. Kíkà àti kíkọ kò dí i lọ́wọ́. Ìwé tuntun tí mo kọ fún un rèé. Òyìnbó ni mo fi kọ ọ́ nílé ìwòsàn, ohun tó sọ nìyí:

"Sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Arábìnrin (orúkọ rẹ̀ ní kíkún) wà lábẹ́ ìtọ́jú wa. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lónìí, ọjọ́ 17, oṣù Kẹrin, ọdún 2025.

Ara rẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ kankan láti ọjọ́ 17 sí ọjọ́ 27, oṣù Kẹrin. Ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹrin.

Láti ọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ 25, oṣù Karùn-ún, kò gbọdọ̀ gbé, tì tàbí wọ́ ohunkóhun tó wúwo ju kílò 5 lọ. Kò gbọdọ̀ gun àkàsọ̀ tàbí orí ẹrù tí a tò. Kò gbọdọ̀ dúró ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ láìjókòó, nítorí náà ó nílò àga níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ó lè ka ẹrù láti ilẹ̀, ó lè kọ ìwé, ó lè gba owó, ó sì lè máa darí àwọn tó ń gbé ẹrù.

Màá tún yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún. Mo kọ ìwé yìí pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀."

Lẹ́yìn èyí ni orúkọ mi, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ mi lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ àwọn dókítà ní Nàìjíríà, ìbuwọ́lùwé, òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn, àti nọ́ńbà fóònù tí wọ́n lè pè láti mọ̀ bóyá ìwé náà ti ọ̀dọ̀ wa wá.

Nọ́ńbà kílò yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. "Iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́", "kó má ṣe wàhálà", "kó rọra máa ṣe é": àwọn gbólóhùn yìí dùn ún kọ, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń kà á bá ṣe lágbára tó ló ṣe máa túmọ̀ wọn. Kílò márùn-ún kò ní ìtumọ̀ méjì. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tí omi kún ni, kò sì sẹ́ni tí kò tíì gbé e rí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò ní ìtumọ̀ méjì. Ọjọ́ tí ìdíwọ́ náà yóò parí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ìwé tí kò ní ọjọ́ ìparí máa ń dẹ́rù ba ọ̀gá, ó sì lè wò ó pé ẹni yìí kò ní wúlò fún òun mọ́. Bákan náà, ẹ rí i pé mo kọ ohun tó lè ṣe. Ìwé tó jẹ́ kìkì "kò gbọdọ̀" ni ọ̀gá máa ń kà, tí á sì ní kí òṣìṣẹ́ kúkú máa lọ sílé.

Àwọn kan á béèrè bóyá kò yẹ kí n kọ ọ́ pé iṣẹ́ abẹ ni, ká tiẹ̀ má sọ irú èyí tó jẹ́. Èrò tèmi ni pé kí a fi í sílẹ̀ àfi bí aláìsàn bá fẹ́ ẹ. Bí ọ̀gá bá ti gbọ́ iṣẹ́ abẹ, ìbéèrè tó kàn ni "Níbo lára?" "Ó wà lábẹ́ ìtọ́jú wa" ti tó, òótọ́ sì ni.

Òótọ́ yẹn ṣe pàtàkì, torí ibẹ̀ ni àwọn aláìsàn ti máa ń ṣì í mú. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ fún mi pé, "Dókítà, ẹ kàn kọ ibà síbẹ̀." N kò lè kọ ọ́. Kí dókítà má sọ ohun kan yàtọ̀ sí kó purọ́, ìwé irọ́ sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Irọ́ yẹn kò tilẹ̀ ní dúró: ta ni ibà ń dá dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Bákan náà ni ọjọ́. Bí o bá wá bá mi ní Ọjọ́rú, tí o ní ó ti ń ṣe ọ́ láti Ọjọ́ Ajé, ohun tí mo lè kọ ni pé mo rí ọ ní Ọjọ́rú, àti pé o sọ fún mi pé ó bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé. N kò lè kọ ọ́ bí ẹni pé mo rí ọ lọ́jọ́ náà.

Ìwé lè dákẹ́ kí òǹtẹ̀ rẹ̀ máa sọ̀rọ̀. Mo ti rí ìwé tí wọ́n kọ dáadáa, tí kò dárúkọ àìsàn kankan, ṣùgbọ́n tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀ ẹ̀ka ìtọ́jú àrùn ọpọlọ. Kí ló wá kù tí ọ̀gá kò mọ̀? Òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn lápapọ̀ ni kí wọ́n lò, kí orúkọ ẹ̀ka má sí lórí rẹ̀. Orúkọ oògùn náà ń tú àṣírí, torí ẹni tó bá ní fóònù lọ́wọ́ á wá a. Bí oògùn bá ń kun èèyàn lóorun, ohun tí ibi iṣẹ́ nílò ni pé kó má wa ọkọ̀, kó má dúró ti ẹ̀rọ tó ń yí, kó má sì ṣe iṣẹ́ òru títí di ọjọ́ báyìí. Gbólóhùn yẹn dáàbò bò ó, ó dáàbò bo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ nínú rẹ̀ bóyá wárápá ni, ìbànújẹ́ ọkàn ni, tàbí ẹ̀yìn tó ń dunni. Àwọn lẹ́tà ìkékúrú tí àwa dókítà fẹ́ràn kò bo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ti mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kí a fi ìwé sínú àpò ìwé, kí a lẹ̀ ẹ́, kí a kọ orúkọ ẹni kan ṣoṣo tó yẹ kó ṣí i sára rẹ̀. Ká ní mo ṣe ìyẹn ní ìgbà àkọ́kọ́ ni, akọ̀wé kì bá tí kà á.

Mánẹ́jà pè mí lẹ́yìn tó gba ìwé kejì. Bí ìpè náà ṣe lọ rèé, torí irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

"Ẹ káàsán, Dókítà. Ìwé yín dé. Kí ló tún ń ṣe é gan-an? Èmi ni ọ̀gá rẹ̀, ẹ lè sọ fún mi."

"Ẹ káàsán sà. Ọ̀dọ̀ wa ni ìwé náà ti wá, èmi ni mo buwọ́ lù ú. Èyí tó kù, òun ló ni ín. Ṣé ohun kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ìwé náà kò ṣe kedere lé lórí?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé ó lè gbé kéréètì ẹyin?"

"Mélòó lẹ́ẹ̀kan?"

"Kéréètì méjì, mẹ́ta."

"Kéréètì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kò burú. Kó má tò ó lé ara wọn."

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì wúlò fún un. Dókítà lè jẹ́rìí pé ìwé kì í ṣe ayédèrú, ó sì lè là á yé wọn bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Kò kọjá bẹ́ẹ̀. Abala 26 nínú Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìlera ẹni, ìtọ́jú rẹ̀ àti bó ṣe wà nílé ìwòsàn. Lára ohun tó lè ṣí i ni kí aláìsàn fọwọ́ sí i lórí ìwé, kí ilé ẹjọ́ tàbí òfin pàṣẹ rẹ̀, kó jẹ́ ti ọmọdé tí òbí rẹ̀ ń béèrè, tàbí kí dídákẹ́ jẹ́ ewu ńlá fún ìlera àwùjọ. Ọ̀gá iṣẹ́ tó fẹ́ mọ̀ kò sí nínú wọn. Ìwé tó bá sì ti dọ́wọ́ ọ̀gá náà kò kúrò lábẹ́ òfin, torí Òfin Ìdáàbòbò Détà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ àwọn ohun ẹlẹgẹ́ tí kò yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ ní gbangba.

Ọ̀gá náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ o. Bí kò bá gba ìwé dókítà gbọ́, Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún un láyè láti ní kí dókítà tí òun fúnra rẹ̀ yàn yẹ òṣìṣẹ́ náà wò. Dókítà yẹn náà kò bọ́ lábẹ́ òfin àṣírí. Ohun tó yẹ kó padà sọ ni bóyá ara òṣìṣẹ́ náà tó iṣẹ́ tàbí kò tó. Òfin Iṣẹ́ kan náà ló sọ pé ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún kan ni owó ń wọlé fún òṣìṣẹ́ tí àìsàn dá dúró, tí dókítà sì jẹ́rìí sí i. Èyí tó bá lé sí i wà lọ́wọ́ àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe. Mo sọ èyí nítorí àwọn aláìsàn kan máa ń rò pé bí àwọn bá dárúkọ àìsàn tó ba èèyàn lẹ́rù, ọjọ́ yóò pọ̀ sí i. Orúkọ kò fi ọjọ́ kan kún un.

Àwọn ibì kan wà tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kò ti tó. Bí ẹ̀rọ ìpofúláwà bá gé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, òfin ìsanpadà fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 nílò kí a sọ irú ọgbẹ́ tó jẹ́ àti bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, torí láìsí i, owó ìtọ́jú kò ní jáde. Fọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, kí a má dà á pọ̀ mọ́ ìwé ìsinmi. Bó bá sì jẹ́ àrùn tó ń ràn, tí ẹni náà ń fọwọ́ kan oúnjẹ, mo máa ń kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ títí èmi yóò fi kọ ìwé mìíràn pé ó ti lè ṣe é. Mánẹ́jà yóò mọ ohun tó yẹ kó ṣe láìgbọ́ orúkọ. Bó bá jẹ́ onígbáméjì, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń rí sí ìtànkálẹ̀ àrùn ni mo gbọ́dọ̀ fi tó létí, lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn ni yóò sì lọ bá ibi iṣẹ́ bó bá yẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ìwé, ẹ má kúrò níwájú dókítà láìkà á. Ẹ ní, "Dókítà, mi ò fẹ́ kí orúkọ àìsàn wà níbẹ̀, ohun tí mo lè ṣe àtohun tí mi ò lè ṣe ni kẹ́ ẹ kọ." Kò sí àrífín níbẹ̀. Dókítà mìíràn ti fi ìkánjú kọ ọ́ ni, bí èmi náà ti ṣe. Ẹ sọ iṣẹ́ yín fún un ní wẹ́wẹ́, títí dórí àga tí kò sí. Bó bá ti kọ ọ́ tán, tí ẹ sì rí ohun tí ẹ kò fẹ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó tún òmíràn kọ kí ẹ tó jáde, torí ẹyin lọ̀rọ̀.

Obìnrin náà padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 28. Mánẹ́jà gbé àga onírọ́bà kan sẹ́nu ọ̀nà sitọ́ọ̀, ó sì fi ọmọkùnrin kejì kún àwọn tó ń wọ́ àpò. Ní ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún, mo tẹ ojú abẹ rẹ̀, mo ní kó dìde láti ìdùbúlẹ̀ láìfọwọ́ ti nǹkan kan, ó dìde láìsí ìrora. Mo kọ ìwé kẹta: ó lè gbé tó kílò 10 títí di ìparí oṣù Kẹfà, ó sì lè dúró bó ṣe fẹ́. Ó kà á níwájú mi lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi í sínú àpò rẹ̀, ó sì bi mí bóyá mo lè fi ọ̀rọ̀ àga yẹn sílẹ̀ nínú ìwé. Mo fi í sílẹ̀.